Ẹ̀kán omi kì í dúró lára ìgò ìpara mi, ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́ kí n tó yà á

Adùnní Kúbwà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìpara òrí, alófẹ́rà àti ewé dongoyárò ni mo ń ṣe nílé mi ní Kúbwà níbí, orí ayélujára ni mo sì ti ń tà á. Mo fẹ́ ya fọ́tò kan tí yóò dà bíi pé ìrì òwúrọ̀ sẹ̀ sára ìgò náà: ìgò láàárín, ewé yí i ká, ẹ̀kán omi lára rẹ̀, kí n sì yà á láti òkè gan-an.

Láti ọjọ́ Sátidé ni mo ti wà lórí ẹ̀. Bí mo bá fín omi sí ìgò, kí n tó to ewé tán, omi ti gbẹ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù kò rí roboto, ńṣe ló ń tàn ká bí ìgbà téèyàn fi ọwọ́ tútù nu dígí, tó bá wá dé inú fọ́tò, ìdọ̀tí ló ń jọ. Ìpara mi funfun báláú, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò ó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Fèrèsé yàrá tí mo ń lò kọjú sí ìlà oòrùn, fóònù mi ni mo sì fi ń yà á, mi ò ní kámẹ́rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Nyanya

Adùnní, fíríìjì ni. Gbé ìgò náà sínú fíríìjì mọ́jú. Tó o bá gbé e jáde láàárọ̀, omi á yọ lára ẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní jọ èyí tí wọ́n fọwọ́ fín. Bí mo ṣe ya ìgò sóbò mi lóṣù keje nìyẹn, àwọn èèyàn ń bi mí pé ta ló bá mi yà á. Bí omi ò bá roboto, fi jẹ́lì ìpara díẹ̀ pa ara ìgò kó o tó fín in.

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, Gwàrìnpà

Adùnní, ẹ kú iṣẹ́. Fọ́tò ọjà ni mo ń yà jẹun, mo sì ti bá ọ̀rọ̀ omi yìí jìjàkadì dáadáa.

Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ìgbà òjò ni òótọ́ náà bá mu. Inú afẹ́fẹ́ ni omi tó ń yọ lára ìgò tútù ti ń wá. Lóṣù keje, afẹ́fẹ́ Àbújá kún fún omi, ìgò tútù á fà á mọ́ra. Nígbà ọyẹ́ tí ètè ń là yìí, ẹ lè gbé ìgò jáde nínú fíríìjì kí omi má yọ lára rẹ̀ rárá. Bó bá tilẹ̀ yọ, kùrukùru ló máa ń jẹ́, kì í ṣe ẹ̀kán, á sì bo lébẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, òrí tó bá ń tutù tó ń gbóná, tó ń tutù tó ń gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wóróworo. Ti jẹ́lì, á jẹ́ kí omi roboto lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ipa ìka tàbí aṣọ tí ẹ fi pa á máa ń hàn kedere bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wá.

Adùnní, gbígbẹ yàtọ̀, títàn ká yàtọ̀, ohun tó fà wọ́n kò sì pa pọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí títàn ká. Ẹ ti rí omi lórí ewé kókò rí, bó ṣe ń ká jọ tó ń yí gbirigbiri. Ara ewé náà kò gba omi ni. Ìgò dígí gba omi, ìdí nìyẹn tó fi ń tàn. Ẹ fi sípíríìtì nu ìgò náà mọ́ tónítóní kí òróró ọwọ́ kúrò, kí ẹ wá fi ìda tí wọ́n fi ń dán ara mọ́tò pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún títí ẹ ò fi ní rí i mọ́. Kí ẹ má rí i mọ́ yẹn ló ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá wá kán omi kan sí i, ẹ máa rí i pé á ká jọ bíi ti orí ewé kókò.

Fún gbígbẹ, ẹ ra glísárììnì ní ilé oògùn, èyí tí àwọn ìyá wa ń pò mọ́ ìpara nígbà ọyẹ́. Ẹ po ṣíbí méjì rẹ̀ mọ́ ṣíbí méjì omi inú ọ̀rá. Ẹ má lo omi bohóòlù, torí tó bá gbẹ, ó máa ń fi àmì funfun sílẹ̀. Glísárììnì kì í fẹ́ kí omi fi òun sílẹ̀, nítorí náà ẹ̀kán tó ń gbẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta á wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi ya ohun tí ẹ fẹ́ yà. Ó tún nípọn díẹ̀, kì í tètè ṣàn bọ́ sílẹ̀.

Àwọ̀ tó ń pọ́n ńkọ́? Kí ẹ tó fèsì, ẹ yẹ nǹkan méjì wò fún mi: ṣé gílóòbù inú yàrá máa ń wà ní títàn, irú kọ́tìnì wo ló sì wà lójú fèrèsé yẹn?

Alhaja Aláwọ̀dídán, Kàdúná

Ọmọ mi Adùnní, ọ̀rọ̀ ẹ̀kán omi yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú o. Bó o bá ń rí omi lábẹ́ ìdérí ìgò, ó túmọ̀ sí pé o dé ìpara náà nígbà tó ṣì gbóná. Ooru á gòkè lọ, á kan ìdérí, á di omi, á tún kán padà sínú ìpara. Ibẹ̀ ni ìpara ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Fi aṣọ mímọ́ bò ó títí ìgò á fi tutù sí ọwọ́ rẹ, kó o tó dé e.

Adùnní Kúbwà

Ẹ ṣé mà, Alhaja. Omi tí mo fín sí ìta ìgò fún fọ́tò ni mo ń sọ, àmọ́ èyí tí ẹ sọ yẹn náà, mo ti rí i lábẹ́ ìdérí méjì rí, mi ò sì mọ ibi tó ti wá. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, gílóòbù máa ń wà ní títàn lóòótọ́, kọ́tìnì mi sì pọ́n bí iyùn.

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, Gwàrìnpà

Ó ti yé mi. Oòrùn ń gba inú aṣọ pupa kọjá, gílóòbù náà ń da àwọ̀ tirẹ̀ lé e, fóònù kò wá mọ èyí tó máa tẹ̀ lé. Ẹ pa gílóòbù, ẹ ká kọ́tìnì pupa, kí ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sí ojú fèrèsé. Ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó ta á, ẹ ó rí ìdí ẹ̀ bó bá yá.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ ò bi wá. Ìgò tó dúró, tí a yà á láti òkè, ìdérí rẹ̀ nìkan là ń rí. Orúkọ ọjà yín àti nọ́ńbà NAFDAC wà lára, oníbàárà ò sì ní rí èyíkéyìí nínú wọn. Èmi máa ń gbé ìgò dùbúlẹ̀ ni, kí lébẹ́ẹ̀lì kọjú sókè. Kó má baà yí, ẹ po ìyẹ̀fun díẹ̀, ẹ fi ìwọ̀n ẹ̀wà méjì rẹ̀ sí abẹ́ ìgò. Ìdérí gbọ́dọ̀ wà ní dídé. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìpara fúnra rẹ̀ hàn, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí fa díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìgò.

Lórí ibi tí ẹ máa tò ó sí, ẹ má lo páálí, omi á wọ̀ ọ́. Ẹ ra táìlì kan ṣoṣo ní Déì-Déì, èyí tí ojú rẹ̀ kò dán.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kánò

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ó dùn mí gan-an. Ọṣẹ dúdú àti òrí lásán ni mo ń tà. Lọ́dún tó kọjá mo tẹ lébẹ́ẹ̀lì ogójì ní ibìkan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ onítàdáwà olómi tẹ̀ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fín omi sí ìgò fún fọ́tò, àwọ̀ ewé tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Mo rò pé ọ̀kan péré ló bàjẹ́ ni, àfìgbà tí oníbàárà kan ní Jos fi fọ́tò tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó gbé e sí balùwẹ̀, orúkọ mi ti parẹ́.

Adùnní, kí o tó fín ohunkóhun, kán omi kan sí igun lébẹ́ẹ̀lì, dúró ìṣẹ́jú kan, kí o fi tíṣù tẹ̀ ẹ́. Bí àwọ̀ bá bá tíṣù lọ, má fín in. Lébẹ́ẹ̀lì onírọ́bà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tí tàdáwà rẹ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun tẹ̀ ni mo ń lò báyìí, kò ṣe nǹkan kan.

Adùnní Kúbwà

Mo ti gbìyànjú ẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Aago 7:30 ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo gbé táìlì sórí tábìlì, nǹkan bíi gígùn apá kan sí fèrèsé, mo gbé ìgò dùbúlẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, mo sì gbé páálí funfun kan sí òdìkejì fèrèsé kí apá ibẹ̀ lè mọ́lẹ̀. Ti ìda mọ́tò yẹn, ẹ kú àmọ̀ràn. Ẹ̀kán omi ká jọ, mo fi ìṣẹ́jú ogún to ewé, wọ́n ò kúrò níbi tí wọ́n wà. Ìpara funfun bó ṣe yẹ kó funfun.

Àmọ́ nǹkan méjì kù. Àkọ́kọ́, nígbà tí mo fa fọ́tò náà tóbi, mo rí i pé inú ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan ni irin fèrèsé mi wà! Kékeré báyìí, mẹ́rin mẹ́rin, bí àgbélébùú, nínú gbogbo wọn. Kọ́tìnì funfun tí mo ta kò bo fèrèsé dé ẹ̀gbẹ́. Èkejì, àmì dúdú gbọọrọ kan wà lórí ìgò, ó gba àárín lébẹ́ẹ̀lì kọjá. Mo nu ìgò títí, kò lọ. Fọ́tò ẹ̀ rèé, mo ti gbé e sísàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, Gwàrìnpà

Mo ti wo fọ́tò yín. Ẹ ti sún mọ́ ọn gidi.

Ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan dà bí dígí kékeré tó wú. Ohun tó bá wà lójú fèrèsé, gbogbo rẹ̀ ló máa fi hàn: irin, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, títí kan kíká ara kọ́tìnì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ ta á kó kọjá etí fèrèsé lápá méjèèjì, kí ó jìnnà sí irin ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ méjì, kí òjìji irin má baà yà sára aṣọ. Bí aṣọ náà bá fẹ́lẹ́ jù, ẹ ṣẹ́ ẹ po. Nígbà náà, ohun tí ẹ máa rí nínú ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ni fèrèsé funfun kékeré kan tó mọ́ lóló. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ojú gbà pé òwúrọ̀ ni.

Àmì dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Fóònù yín ni. Ìgò ń dán, ẹ sì dúró lókè rẹ̀ gan-an, ó wá ń wò yín padà. Ẹ mú páálí funfun kan, ẹ gé ihò tó tó ojú kámẹ́rà sí àárín rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù. Funfun ni ìgò máa rí dípò fóònù àti ọwọ́ yín. Ẹ lo 2x, kí ẹ gbé fóònù jìnnà sókè díẹ̀. Tí ẹ bá lo 1x tí ẹ sún mọ́ ọn, ìdí ìgò á kéré, àárín rẹ̀ á wú.

Mo rí nǹkan kan sí i. Páálí funfun tí ẹ gbé sí òdìkejì fèrèsé ti sún mọ́ ìgò jù. Ìmọ́lẹ̀ ń ti ọ̀tún wá, ó ń ti òsì wá, òjìji abẹ́ ẹ̀kán omi wá parẹ́, ìyẹn ló mú kí àwọn tó wà lápá òsì rí bí eérú. Ẹ̀kán omi nílò ẹ̀gbẹ́ kan tó mọ́lẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ kan tó ṣókùnkùn díẹ̀ kí ó tó lè wú lójú. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹ máa wo ojú fóònù, ẹ dúró níbi tí òjìji fẹ́lẹ́ ti yọ padà.

Ẹ má fín gbogbo rẹ̀ lọ́nà kan náà. Ẹ fín ẹ̀ẹ̀mejì láti ọ̀nà jíjìn kí ó rọ̀ sórí rẹ̀ bí ìrì, lẹ́yìn náà kí ẹ fi síríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ kán ńlá márùn-ún tàbí mẹ́fà síbi tí ẹ fẹ́. Ẹ má kán an sórí orúkọ ọjà, torí ó ń fẹ ọ̀rọ̀ lójú. Fínfín ni iṣẹ́ ìkẹyìn, lẹ́yìn tí ewé ti tò tán tí ẹ sì ti ya fọ́tò kan wò.

Ìyá Ìbejì Nyanya

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti fíríìjì, mo sì dúpẹ́, mi ò mọ̀ pé ìgbà òjò ló bá mi ṣe é. Ewé ńkọ́? Mòríńgà tí mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ sóbò mi ti rọ kí n tó tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kejì.

Alhaja Aláwọ̀dídán, Kàdúná

Mòríńgà kì í dúró, sọ ọ́ nù. Dongoyárò ló máa ń dúró. Já a láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú ẹ̀ka, ri ìdí ẹ̀ka bọ omi tútù títí o ó fi lò ó. Tí o bá gé alófẹ́rà, omi yẹ́lò kan á máa jáde lójú ọgbẹ́ rẹ̀. Gbé e dúró sínú ife, ojú ọgbẹ́ sísàlẹ̀, fún bíi ìdajì wákàtí, kí yẹ́lò yẹn ṣàn tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ba táìlì rẹ jẹ́.

Ohun tí mo tún fẹ́ sọ nìyí: mo ń rí àwọn ọmọ yìí tí wọ́n ń da òdòdó róòsì yíká ìpara tí kò ní róòsì nínú. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ohun kan, fọ́tò ló kọ́kọ́ ń wò, kó tó ka ìwé ara ìgò. Ohun tó wà nínú ìgò ni kó yí ìgò ká.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kánò

Alhaja, mo fara mọ́ ọn. Ìyẹn ló mú kí n béèrè: omi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òrí lásán ni tèmi, kò sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀. Bí mo bá fi omi bo ìgò, ṣé mi ò ti máa sọ pé ìpara olómi ni? Oníbàárà kan ti bi mí rí pé kí ló dé tí òrí mi wúwo tó báyìí nígbà tí fọ́tò rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Láti ìgbà náà mo ti fi omi sílẹ̀, èso òrí gbígbẹ àti igbá ni mo ń lò.

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, Gwàrìnpà

Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ìta ìgò ni omi wà, bí ẹni rí ìgò ọtí tútù. Òwúrọ̀ ni omi ń sọ, kì í ṣe ohun tó wà nínú.

Alhaja Aláwọ̀dídán, Kàdúná

Ìgò ọtí, gbogbo ayé ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìpara, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ Ọmọ Ọ̀fà ni mo wà. Ti Adùnní ní alófẹ́rà, omi yẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, Gwàrìnpà

Alhaja, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà òrí bá ní kí n fi omi sí i, màá fi sí i.

Adùnní Kúbwà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo tún un yà láàárọ̀ òní. Lóṣù kìíní yìí, nǹkan bí aago 6:50 ni oòrùn ń yọ níbí, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó dùn ún lò kò dé inú yàrá mi títí di aago 8:00, nítorí ilé kejì. Mo jókòó dè é.

Mo fi aṣọ ìbora funfun ọmọ mi bo fèrèsé dé ògiri lápá méjèèjì, mo ṣẹ́ ẹ po. Irin ti lọ nínú omi. Páálí oníhò tí mo lẹ̀ mọ́ fóònù, mo gé ihò rẹ̀ kéré jù lákọ̀ọ́kọ́, etí rẹ̀ ń ṣú igun fọ́tò, mo fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó yanjú. Mo ń fa páálí òsì sẹ́yìn bí ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n ṣe, nígbà tó dé etí tábìlì, mo rí i lójú fóònù báyìí tí òjìji kékeré yọ lábẹ́ ẹ̀kán omi kan nítòsí ìdérí. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo wọn wú sókè.

Ìgò tí mo fi ya fọ́tò, mo kọ "fọ́tò" sí ìdí rẹ̀ kó má baà bọ́ sáàárín ọjà. Ìpara tí mo fà sórí táìlì ti ń yọ́ nígbà tó fi máa di aago 9:00, fọ́tò mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ni ojú ipa ṣíbí ti hàn dáadáa nínú ẹ̀. Lọ́la, mo máa fà á gbẹ̀yìn, kí n tó fín omi.

Ẹ̀gbọ́n, ó ku ọ̀kan: ewé dongoyárò náà ń dán, ó ń yọ funfun lójú kan lápá fèrèsé. Ṣé ewé ni kí n yí ni, àbí aṣọ ni kí n tún ṣẹ́ po?

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, Gwàrìnpà

Ẹ fi aṣọ sílẹ̀. Ẹ dojú ewé yẹn kan dé, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dán tó bẹ́ẹ̀.